Níbi Tí Yìnyín Ti Ń Dúró

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ló gbà pé àwọn á bá yìnyín níbẹ̀. Wọ́n á ra jákẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n á ṣèlérí fọ́tò fún àwọn ará ilé. Bí wọ́n bá débẹ̀, òjò wíníwíní ni wọ́n máa bá, pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń wọnú egungun àti ojú ọ̀run tó ṣú láti àárọ̀ dalẹ́. Yìnyín máa ń bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún mìíràn wà tí kì í bo ilẹ̀ rárá. Nígbà tó bá sì bò ó, kì í pẹ́ tó fi ń di ẹrẹ̀ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kí yìnyín tó lè dúró nílẹ̀, òtútù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òdo tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tí ẹni tí kò tíì débẹ̀ kì í gbà gbọ́ ni pé irú ibi bẹ́ẹ̀ lè rọrùn fún ara ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Omi ló fà á. Bí òtútù bá wà ní ìwọ̀n 3 lókè òdo, òjò ló ń rọ̀, aṣọ á rin, bàtà á mumi, omi yẹn á sì máa fa ooru kúrò lára ẹni. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo, kò sí omi níta mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dì. Yìnyín tó bá bà lé èjìká èèyàn, ọwọ́ ló máa fi gbọ̀n ọ́n kúrò, aṣọ rẹ̀ á sì gbẹ síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìrìn-àjò yìí, látorí ìlú tó yẹ kéèyàn lọ títí dórí ìbọ̀sẹ̀, orí ọ̀rọ̀ gbígbẹ àti títutù yìí ló dá lé.

Kò pọn dandan kéèyàn kúrò ní Áfíríkà kó tó fọwọ́ kan yìnyín. Ìlú Ifrane ní Mòrókò, lórí òkè Atlas, máa ń rí yìnyín nígbà òtútù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣàkọsílẹ̀ òtútù tó mú jù lọ ní gbogbo Áfíríkà, ìwọ̀n 23.9 lábẹ́ òdo, ní oṣù Kejì ọdún 1935. Oukaïmeden náà wà níbẹ̀, kò jìnnà sí Marrakech, àwọn èèyàn ń lọ yọ̀ lórí yìnyín níbẹ̀. Ní Lẹ̀sótò, níhà gúúsù, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni òtútù tiwọn. Àmọ́ yìnyín àwọn ibi wọ̀nyí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọdún kan lè pọ̀, ọdún kejì kó má ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, oòrùn ọ̀sán á sì yọ́ ọ. Ẹni tí fọ́tò lásán bá tó, kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó jí sínú yìnyín, ìlú tí mo máa ń tọ́ka sí fún un ni Rovaniemi, lápá àríwá ilẹ̀ Fínlándì.

Rovaniemi ni olú ìlú agbègbè Lapland. Ìlà tí wọ́n fà yí ayé ká láti fi sàmì sí àríwá pátápátá kọjá ní bíi kìlómítà mẹ́jọ sí àárín ìlú náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó ń sá padà dáná sun ìlú náà kanlẹ̀. Ayàwòrán-ilé Alvar Aalto ló ya àwòrán tí wọ́n fi tún un kọ́, ó sì ṣètò àwọn ojú títì rẹ̀ ní ìrísí orí àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù pẹ̀lú ìwo rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ilé àtijọ́ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe ìlú tó lẹ́wà, kí n má purọ́. Yìnyín rẹ̀ lèèyàn ń bá lọ. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹrin ló máa ń wà nílẹ̀ láìyọ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń lọ ní oṣù Kejìlá nítorí Bàbá Kérésì, tí wọ́n kọ́ abúlé odidi kan fún nítòsí pápákọ̀ òfuurufú. Èmi kò ní dá ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àfi bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ kékeré ló ń mú lọ tí Bàbá Kérésì sì ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. Oṣù yẹn ni owó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń ga jù. Oòrùn náà kì í fẹ́ yọ. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, wákàtí méjì àti díẹ̀ ló fi ń hàn lójúmọ́, á kàn yọjú ní bèbè ilẹ̀, á sì wọ̀. Ara ọmọ ilẹ̀ olóòrùn kì í gba irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ dáadáa, oorun á máa kun èèyàn lójú ọ̀sán gangan. Ìparí oṣù Kejì sí àárín oṣù Kẹta ló dára jù. Nígbà yẹn, yìnyín ti jìn dáadáa, ọ̀sán ti gùn débi pé tó bá máa fi di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹta, ọ̀sán àti òru ti dọ́gba, òkùnkùn alẹ́ sì ṣì wà tó láti wo ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Òtútù máa ń wà láàárín ìwọ̀n 5 sí 20 lábẹ́ òdo, ó sì lè já wọ 30 nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni ìrìn-àjò ti ń dùn tàbí ti ń bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú, a ó kó ẹ̀wù olówùú mẹ́ta lé e, a ó wá fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó wúwo, kò sì wúlò. Òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èèyàn bá fi ti ọmọ rẹ̀ lórí yìnyín, òógùn á bọ̀ ọ́. Bó bá wá dúró, ẹ̀wù tútù ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn nìyẹn, gbígbọ̀n á sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òtútù ìta ló ń mú un, òógùn ara rẹ̀ ni.

Aṣọ mẹ́ta ló tó, bó bá jẹ́ èyí tó yẹ. Èyí tó kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ alápá gígùn àti ṣòkòtò rẹ̀, tí wọ́n fi irun àgùntàn híhun tàbí ọ̀rá ṣe, tó fún mọ́ra, tó ń jẹ́ kí òógùn jáde. Èyí tó tẹ̀ lé e ni súwẹ́tà nípọn tó fúyẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti há afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́nú. Èyí tó wà lókè ni jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí atẹ́gùn kì í gbà wọlé. Ẹni tó bá ń gbé Èkó lè rí gbogbo rẹ̀ ní òkìríkà, ní Katángúà tàbí Yábà, bó bá ní sùúrù láti tú ẹrù wò. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn tó jẹ́ owó gọbọi lókè òkun máa ń sùn níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kéèyàn wo àkọlé kékeré tó wà nínú ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “wool” tàbí “polyester” sí i, kó mú un. Bó bá jẹ́ “cotton” ni wọ́n kọ, kó dá a padà sínú òkìtì.

Bàtà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó yẹ kó fi nọ́ńbà kan tóbi ju ti ilé lọ, kí ìka ẹsẹ̀ lè máa ṣeré nínú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó há á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ á sì tutù ju bó ṣe máa tutù nínú ìbọ̀sẹ̀ kan lọ. Fún ọwọ́, ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ wà nínú àpò kan, tí àtàǹpàkò nìkan dá wà, ló ń móoru ju èyí tó ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ irun tàbí dì í kò gbọ́dọ̀ jáde kó tó gbẹ dénú. Ohun kan tó ń dín ìnáwó kù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó àlejò lọ ṣeré ní Rovaniemi máa ń yá wọn ní aṣọ ìwọ̀lékè odindi, bàtà àti ìbọ̀wọ́, ó ti wà nínú owó tí wọ́n gbà. Nítorí náà, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ gidi ló yẹ kéèyàn náwó lé, kì í ṣe jákẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye.

Kí wá lèèyàn máa bá níta? Ìmí àkọ́kọ́ á dá irun inú imú lé gan-an, èèyàn á mọ̀ ọ́n lára. Ìpéǹpéjú á funfun. Bí òtútù bá ti kọjá nǹkan bí 10 lábẹ́ òdo, yìnyín á máa ké kíkí lábẹ́ bàtà. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún lè kú lójijì, nítorí òtútù ń dín agbára bátìrì kù. Àpò inú, nítòsí ara, ni kéèyàn máa fi í sí, bó bá sì gbóná padà, á jí. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà lọ, kó fi í sínú àpò rẹ̀ kó tó wọlé, kó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbẹ̀ kó tó ṣí i, nítorí bí ooru ilé bá kàn án lójijì, ìrì á bò ó nínú lóde. Ètè àti ọwọ́ á gbẹ bíi ti ìgbà ọyẹ́. Òrí wa dára fún un lálẹ́, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òrí tó fi pa ojú lè dí òtútù lọ́wọ́ láti jẹ ẹ́.

Ìjàǹbá tó sì wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ti òtútù rárá, ṣíṣubú ni. Omi dídì máa ń wà lábẹ́ yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́, ojú kì í rí i. Kéèyàn máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kalẹ̀ pẹrẹsẹ, kó má kọ́kọ́ fi gìgísẹ̀ balẹ̀, kó sì yọ ọwọ́ kúrò lápò. Wọ́n ń ta rọ́bà oníṣòó tí wọ́n ń kì bọ ìdí bàtà níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ìlú náà gan-an ń lò ó, kò sì yẹ kí ojú ti àlejò láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Eré tí gbogbo èèyàn ti rí nínú sinimá ni jíju yìnyín lura ẹni, ìyẹn náà sì ni yìnyín Rovaniemi máa ń fi jáni kulẹ̀. Ọmọdé á bu ẹ̀kúnwọ́, á fún un, á sì tú sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀ bí èlùbọ́ gbígbẹ. Ìgbà tí òtútù bá sún mọ́ òdo, tí yìnyín ní omi díẹ̀ nínú, ló tó lè dì mọ́ra. Bí ojú ọjọ́ bá lọ wọ́ọ́rọ́ ní ọ̀sán kan, kí ẹ sáré jáde lọ ju tiyín. Ní ọjọ́ tó kù, àwo oníke ni kí ẹ rà tàbí kí ẹ yá, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì yọ̀ wá sílẹ̀. Kò náni ní nǹkan kan, kò sí ẹ̀kọ́ tó pọn dandan, ọmọ ọdún mẹ́ta àti ẹni àádọ́ta ọdún á sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ pé òun ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Síkì, tí wọ́n ń de pákó méjì mọ́ ẹsẹ̀, kò rọrùn bó ṣe rí lójú. Ẹni tí kò bá ní sanwó olùkọ́ fún wákàtí díẹ̀, kó má gun òkè Ounasvaara lọ.

Ọkọ̀ tí ajá ń fà ni mo fẹ́ràn jù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Helsinki mú ìyá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta. Wọ́n so ajá mẹ́fà mọ́ ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ń gbó, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń gé okùn jẹ, ariwo náà kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Màmá náà dúró gbọn-in. “Ṣé ajá tí mo fi ń ṣọ́ ilé ni ẹ ní kó gbé mi?” Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ yín. Wọ́n fẹ́ sáré ni, wọn kò bínú.” Wọ́n tú okùn ìdákọ̀ró, ariwo sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ajá tó ti ń sáré kì í gbó. Ohun tó kù ni ìró igi lórí yìnyín, àti òórùn, nítorí orí eré yẹn náà ni wọ́n ti ń yàgbẹ́, èyí tí ìwé ìpolówó kì í sọ.

Ẹni kan ló ń jókòó, ẹnì kejì á dúró lẹ́yìn lórí igi méjì tó ń yọ̀ nílẹ̀, òun ló ń wakọ̀. Bíréèkì rẹ̀ jẹ́ irin kan láàárín igi méjèèjì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ yìnyín, kò sì yẹ kí ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, torí ajá kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó gbéra. Bí wọ́n bá ń gun òkè, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ kan tì í. Òfin tó ga jù ni pé kéèyàn má fi ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ sílẹ̀, ajá kò ní dúró dè é, èrò iwájú á sì máa lọ láìsí awakọ̀.

Alùpùpù orí yìnyín gba ìṣọ́ra tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìwakọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó máa wà á, kó sì béèrè, kó tó sanwó, iye tí yóò san bó bá fi kọ lu igi, nítorí iye yẹn lè ju owó eré náà lọ fíìfíì. Òtútù rẹ̀ tún yàtọ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń dá atẹ́gùn sílẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo, tí alùpùpù sì ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, ara tó bá ṣí sílẹ̀ á máa tutù bíi pé ó wà nínú ìwọ̀n 34 lábẹ́ òdo láìsí atẹ́gùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní nǹkan tó bo ojú pátápátá. Kí ó má ṣí i sílẹ̀ nítorí fọ́tò.

Ibẹ̀ sì ni òtútù ti máa ń jẹ èèyàn, pàápàá ní imú, etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìka. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń wo ojú ara wọn bóyá ibì kan ti funfun. Lára aláwọ̀ dúdú, kì í tètè hàn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lè ṣì bí eérú, ó sì lè le bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó dájú jù ni ìmọ̀lára. Ibi tó ń ta èèyàn tẹ́lẹ̀ tí kò ta á mọ́, tó ti kú tipiri, kò tíì sàn o, ibẹ̀ ni ewu wà. Kí ó wọlé lójú ẹsẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ tó gbóná bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó fi ìka há abíyá, tàbí kó kì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Kí ó má fi ọwọ́ ra á, kó má sì nà án sí iná, torí ibi tó ti kú kì í mọ̀ bí iná bá ń jó o. Bí kò bá padà bọ̀ sípò láìpẹ́, dókítà ló kàn. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Fínlándì ni 112. Ọtí líle kì í sì í ṣe oògùn òtútù. Ó ń mú kí ara dà bí ẹni pé ó gbóná, kí ooru sì máa sá jáde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé ìrìn-àjò tí àwọn òyìnbó ń kọ kì í sábà mẹ́nu bà, tó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òtútù máa ń dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sanwó nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbà fún un, kó máa jáde fún ìgbà díẹ̀díẹ̀, kó máa mu omi dáadáa, kó kó oògùn dání pẹ̀lú ìwé dókítà, kó sì fi alùpùpù àti wíwọ inú omi dídì lẹ́yìn sáúnà sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Àwọn tó ní ikọ́ fée náà, kí wọ́n fi ìborùn bo imú àti ẹnu, torí afẹ́fẹ́ tútù lè fún wọn láyà.

Fún ẹni tí kò fẹ́ eré sísá, ìpẹja lórí adágún dídì wà. Wọ́n á fi irin oníyìípo lu ihò kékeré, wọ́n á sọ ìwọ̀ sí i, wọ́n á wá jókòó lórí awọ àgbọ̀nrín. Fínlándì kì í gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ìwọ̀ kékeré pẹja báyìí ní ọ̀pọ̀ jù lọ adágún rẹ̀. Àmọ́ àlejò kò gbọ́dọ̀ dá tẹ omi dídì láìsí ẹni tó mọ ibẹ̀. Ibi tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ afárá àti ẹnu odò kì í nípọn, nígbà tí oòrùn oṣù Kẹrin bá sì ti ń ràn án, omi dídì tó nípọn pàápàá ti ń gbó nínú.

Ìmọ́lẹ̀ àríwá, tó máa ń jó lójú ọ̀run lóru, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí rẹ̀. Ó ń fẹ́ òkùnkùn àti ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa kọ́kọ́ dà bí èéfín eléérú lójú wa, fóònù ló máa gbé àwọ̀ ewé rẹ̀ jáde. Alẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń fún èèyàn ní àǹfààní tó dáa. Ẹni tó ń lọ fún alẹ́ kan péré, kó má fi í ṣe ìdí ìrìn-àjò.

Láti Helsinki, rélùwéè alẹ́ kan ń gbé èrò lọ sí Rovaniemi, bíi wákàtí méjìlá ni, ó sì ní yàrá tí wọ́n ti ń sùn. Kéèyàn jí ní àárọ̀ láàárín igbó funfun ju ọkọ̀ òfuurufú lọ lójú tèmi, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò fíìsà Ṣẹ́ńgẹ̀nì, ì báà jẹ́ Bìrìtéènì ló ń gbé. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò láti ọdún 2024, wọ́n sì ń béèrè ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò. A lè fìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnnà, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ń wo ìparí oṣù Kejì, kó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, kó sì yan hòtẹ́ẹ̀lì tó máa dá owó padà bí fíìsà kò bá jáde.